Ọbẹ̀ Agolo àti Jákẹ́ẹ̀tì: Bí A Ṣe Ń Dáhùn Ìbéèrè Líìnì àti Ájáìlì

Bí ìdánwò bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀nà ìpèsè ọjà méjì wéra, ìyẹn líìnì àti ájáìlì, ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ ni pé líìnì ń dín ìnáwó kù, ájáìlì sì ń yára. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kò tó gba máàkì gidi. Ìdí tí ọjà kan fi bá ọ̀kan mu, tí òmíràn sì bá èkejì mu, ni olùyẹ̀wò ń wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Marshall Fisher ti Amẹ́ríkà kọ ọ́ ní 1997 pé ọjà fúnra rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò: ṣé a lè mọ iye tí àwọn èèyàn máa rà?

Ẹ jẹ́ ká mú ọbẹ̀ agolo. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ lónìí ló máa jẹ ẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí náà iye tí wọ́n máa sè kò ṣòro láti mọ̀. Ká ní agolo kan jẹ́ ₦1,000, tí èrè orí rẹ̀ jẹ́ ₦100, tí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún kò sì rí i rà. Èrè ₦100 péré ló sọnù. Ibi tí owó ti ń jò gan-an ni ẹrù tó pọ̀ jù ní ìpamọ́ àti ọkọ̀ tí kò kún. Líìnì, tó wá láti ọ̀dọ̀ Toyota ní Japan, ló ń dí irú ihò bẹ́ẹ̀. Ní 1991 ni ilé iṣẹ́ Campbell bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìròyìn ọjà tó kù lọ́wọ́ àwọn ìsọ̀ ńlá láràárọ̀. Ẹrù inú ìsọ̀ wọ̀nyẹn sì dín kù láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí méjì.

Jákẹ́ẹ̀tì oge yàtọ̀. Ta ló mọ àwọ̀ tó máa gbòde? Ká ní ọ̀kan jẹ́ ₦10,000, èrè rẹ̀ ₦4,000. Bí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kò bá rí èyí tí wọ́n fẹ́, ₦100,000 ti lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n máa ta èyí tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ní owó pọ́ọ́kú. Kí ni èèyàn fẹ́ fi owó ọkọ̀ tó dín kù ṣe níbẹ̀? Ìdí nìyí tí Zara ti Sípéènì fi ń rán púpọ̀ nínú aṣọ oge rẹ̀ nítòsí, tó ń tọ́jú aṣọ tí wọn ò tíì pa láró, tó sì ń kó ẹrù lọ sí ìsọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ ní gbogbo wákàtí jẹ́ ìfiṣòfò lójú líìnì. Lójú ájáìlì, ààyè tí wọ́n máa fi dáhùn nígbà tí àwọ̀ kan bá ń tà ni.

Ilé iṣẹ́ kan náà lè lo méjèèjì: àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tí kì í yí padà, Éṣíà níbi tí owó iṣẹ́ ti kéré ni Zara ti ń rán wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń múra ìdánwò, ẹ kọ́kọ́ kọ èrè orí ọjà kan àti iye oníbàárà tí kò rí i rà, kí ẹ tó dárúkọ ọ̀nà kankan.