Ìgbà Wo Ni Ọjà Ọjẹ́ Máa Ń Bọ́ Sí Sátidé?

Ẹni tó ń ta aṣọ òkè ní Ìṣẹrì Olówóra, tí Sátidé nìkan sì jẹ́ ọjọ́ tó lè fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀, ní ìbéèrè kan tó gbọ́dọ̀ dáhùn kó tó gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ọjà Ọjẹ́, níbi tí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn àti ìlú mìíràn ti ń kó sányán, àlàárì àti ẹtù wá tà, kì í tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Ọjà ìtàdógún ni. Nígbà mìíràn yóò bọ́ sí Sátidé, nígbà mìíràn yóò bọ́ sí Ọjọ́rú. Báwo ni èèyàn ṣe lè mọ ìgbà tí ọjà yìí àti Sátidé yóò pàdé? Ìlọ́po àjọni tó kéré jù lọ, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́, ló ní ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kì í jẹ́ òtítọ́ àfi bí a bá ti ka ọjọ́ bó ṣe yẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kíka ọjọ́. Bí Yorùbá bá ń ka ọjọ́ ọjà, a máa ń ka ọjọ́ tí ọjà ná, a ó sì tún ka ọjọ́ tí yóò tún ná. Bí ọjà bá ná lónìí, òní ni ọjọ́ kìíní; ìgbà tí a bá ka dé ọjọ́ kẹtàdínlógún, ọjà tún ti dé. Ọjọ́ tó wà láàárín ọjà kan àti èkejì jẹ́ 16, kì í ṣe 17, torí pé ọjọ́ kẹtàdínlógún yẹn náà ni ọjọ́ kìíní ìyípo tó kàn. Bákan náà ni ọjà ọrọọrún ṣe ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 4, tí ọjà ìsán sì ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 8. Kò sí àṣìṣe nínú bí àwọn baba wa ṣe kà á. Àṣìṣe ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá mú 17 láti inú ìkà kan, tí a wá fi ṣe ìṣirò tó nílò iye ọjọ́ tó wà láàárín.

Ní báyìí, Sátidé ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 7, ọjà Ọjẹ́ sì ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 16. Ohun tí a ń wá ni iye ọjọ́ tó kéré jù lọ tí 7 àti 16 lè pín láìṣẹ́kù. Ìlọ́po 16 ni 16, 32, 48, 64, 80, 96 àti 112. Ẹ fi 7 pín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: gbogbo wọn ló ń ṣẹ́kù, àfi 112. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ìpín lè tọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ 16 jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lé ọjọ́ méjì, nítorí náà ọjọ́ méjì ni ọjà ń fi síwájú nínú ọ̀sẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ná. Bó bá ná ní Sátidé, èyí tó kàn á bọ́ sí Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn náà Ọjọ́rú, Ẹtì, Àìkú, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀, kó tó tún kan Sátidé. Ọjà méje gbáko, ọjọ́ 112. Ẹni tó jẹ́ pé Sátidé nìkan ló lè rìn kò lè bá ọjà Ọjẹ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fi 17 ṣe é? Yóò sọ 17 di ìlọ́po 7, yóò rí 119. Ọjọ́ 119 jẹ́ Sátidé lóòótọ́, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó tètè fura. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 112 ni ọjà ti ná, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣáájú kó tó dé. Ti ọjà ìsán tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: 9 lọ́nà 7 jẹ́ 63, ọjà sì ti ná ní ọjọ́ 56, yóò tún ná ní ọjọ́ 64. Ọjọ́ kan péré ló fi ṣáájú ọjà, yóò sì bá pápá òfìfo.

Ohun kejì ni pé 112 kò sọ ìgbà tí ìpàdé àkọ́kọ́ yóò wáyé. Ó ń sọ iye ọjọ́ tó wà láàárín ìpàdé kan àti èkejì. Ká ní Sátidé tó ń bọ̀ ku ọjọ́ 2, tí ọjà Ọjẹ́ sì ku ọjọ́ 5. Ẹ to Sátidé sílẹ̀: 2, 9, 16, 23, 30, 37. Ẹ to ọjà sílẹ̀: 5, 21, 37. Ọjọ́ 37 ni wọn yóò kọ́kọ́ pàdé, èyí tó tẹ̀ lé e á sì jẹ́ 37 pẹ̀lú 112, ìyẹn 149.

Ohun kẹta ni pé àwọn ìyípo mìíràn wà tí kì í pàdé rárá. Kò sí nọ́ńbà tó ju 1 lọ tó lè pín 7 àti 16 dọ́gba, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ pàdé ní ọjọ́ kan, ibi yòówù kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n 8 pín 8 àti 16 dọ́gba. Bí ọjà ìsán kan bá ná ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn Ọjẹ́, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mọ́kànlá lẹ́yìn Ọjẹ́ ni yóò máa ná títí láé. Àwọn tó dá ọjà sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá lo èyí dáadáa. B. W. Hodder, onímọ̀ jọ́gíráfì tó ṣèwádìí lórí ọjà wa, tó sì bá U. I. Ukwu kọ ìwé tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn gbé jáde ní 1969, ṣàlàyé bí àwọn ọjà tó múlé ti ara wọn ṣe ń pín ọjọ́ láàárín ara wọn nínú ìyípo ọjọ́ 4 tàbí 8. Ìyípo kan náà, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: bí wọ́n ṣe yẹra fún ìjà lórí oníbàárà nìyẹn.

Ẹnì kan lè ní fóònù ti gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wa. Fóònù mọ Sátidé, kò mọ Ọjẹ́. Ẹni tó bá tẹ 17 sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye ọjọ́ tó fẹ́ kó máa rán òun létí yóò gba àṣìṣe kan náà, kíá ni yóò sì dé. Ẹlòmíràn lè ní kí a fi ìṣirò yìí wá ìgbà tí ọjà yóò bọ́ sí Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ọjọ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó máa ń dá lílọ bíbọ̀ dúró fún ìmọ́tótó àyíká, kí wọ́n tó fagi lé e ní 2016. Ìyẹn kò ṣeé ṣe. Láti Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kan dé ti oṣù kejì lè jẹ́ ọjọ́ 28, ó sì lè jẹ́ 35. Ohun tí iye ọjọ́ rẹ̀ kò bá dúró sójú kan kò ní ìlọ́po tí a lè gbára lé. Kàlẹ́ńdà ni kí a máa yẹ̀ wò lóṣooṣù.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ béèrè ọjọ́ tí ọjà ná kẹ́yìn gan-an lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀. Ọ̀la ọjọ́ náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení. Ẹ to ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ àyè yín sílẹ̀ títí wọn yóò fi bára mu, kí ẹ tó fi 112 kún un. Bí wọ́n bá sì sún ọjà síwájú tàbí sẹ́yìn nítorí ìdí kan, ẹ pa ìṣirò àtijọ́ rẹ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti ọjọ́ tuntun náà.