Òǹtẹ̀ Mẹ́wàá, Abọ́ Kan Ọ̀fẹ́

Ẹni tó bá ti dá àjọ ojoojúmọ́ rí mọ káàdì alájọ dáadáa. Ojú àpótí 31 ló máa ń wà lára rẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù. Bí oníṣòwò bá ti san tòní, alájọ á fi bírò sàmì sí ojú kan. Nígbà tí oṣù bá parí, á yọ owó ọjọ́ kan bí owó iṣẹ́ tirẹ̀, á sì kó ìyókù fún ẹni tó ni ín. Káàdì tí àwọn olóúnjẹ, alágbàfọ̀ àti onígbàjámọ̀ ń fún àwọn oníbàárà wọn jọ ọ́ gan-an, àfi pé ọ̀tẹ̀ yìí, ẹni tó ń gbowó ni yóò yọ nǹkan sílẹ̀.

Àwọn kan máa ń pe irú káàdì bẹ́ẹ̀ ní èènì. Kì í ṣe èènì. Bí ìyá onírẹsì bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé orí kóńgò tó ti kún, inú rere rẹ̀ ni. Ó lè bù ú lónìí kó má bù ú lọ́la, kò sì sẹ́ni tó máa bá a fà á. Òǹtẹ̀ lára káàdì kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo òǹtẹ̀ tí ọlọ́jà bá ti lù, díẹ̀díẹ̀ gbèsè ni ó ń jẹ oníbàárà. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kó ṣírò owó rẹ̀ kó tó kọ lẹ́tà ìkéde, kó má jẹ́ pé lẹ́yìn tó bá ti kéde tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣírò.

Ká fi ìyá alámàlà kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní abọ́ àmàlà kan pẹ̀lú ẹran méjì jẹ́ ₦2,000 lọ́dọ̀ rẹ̀, tí èlùbọ́, ẹran, ewédú, gbẹ̀gìrì, gáàsì àti owó àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ sì ń gba ₦1,500 nínú rẹ̀. Èrè rẹ̀ lórí abọ́ kan jẹ́ ₦500. Bí oníbàárà bá ra abọ́ mẹ́wàá, èrè di ₦5,000. Bí ó bá wá fún un ní ìkọkànlá lọ́fẹ̀ẹ́, ₦1,500 ló jáde lápò rẹ̀, nítorí ọ̀fẹ́ kò ní kí alẹ́ran má gba owó ẹran. Ohun tó kù sílẹ̀ jẹ́ ₦3,500.

Lójú ẹni tó ń wo owó tó wọlé, ẹ̀bùn yìí kéré: ₦1,500 nínú ₦20,000. Ṣùgbọ́n inú èrè ló ti ń jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá mẹ́ta èrè náà. Bí oníbàárà tó máa ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóṣù kò bá wá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyá náà ti pàdánù ₦1,500 lásán lórí ẹni tí kò ní lọ síbòmíràn tẹ́lẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sanwó abọ́ mẹ́ta sí i kí èrè tó padà sí ₦5,000. Ìbéèrè tó yẹ kó bi ara rẹ̀ nìyí: ṣé àwọn oníbàárà mi ṣì ní àyè àtiwá sí i? Ẹni tó ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní i. Ẹni tó ń wá lọ́jọ́ Ẹtì nìkan ní i.

Nípa lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, èyí tó kúrú ló dára. Ohun tí yóò lẹ̀ mọ́ ògiri tàbí tí yóò fi ránṣẹ́ lè rí báyìí:

“Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú àdúrótì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, ẹ gba káàdì lọ́wọ́ wa, ọ̀fẹ́ ni. Abọ́ àmàlà ẹlẹ́ran méjì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rà, a ó lu òǹtẹ̀ kan. Tí òǹtẹ̀ bá pé mẹ́wàá, ẹ gba irú abọ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́. Káàdì yóò ṣiṣẹ́ títí di ìparí oṣù Kọkànlá. Káàdì tó bá sọnù, a kò lè dá òǹtẹ̀ rẹ̀ padà. Ẹ ṣeun, ẹ ó máa rí jẹ.”

Ẹ wò ó pé kò dárúkọ náírà kankan. Bí ó bá kọ “oúnjẹ ₦2,000 lọ́fẹ̀ẹ́”, tí èlùbọ́ sì wọ́n tí abọ́ di ₦2,500, oníbàárà yóò ní láti fi ₦500 kún un, yóò sì ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Bí ó bá ṣèlérí abọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ru ẹrù ọ̀wọ́n náà. Òun ló fà á tí ó fi fi oṣù mẹ́ta dá a dúró. Ní ọjà tí iye owó kì í dúró lójú kan, káàdì tí kò ní ọjọ́ ìparí léwu.

Iye òǹtẹ̀ pàápàá ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ní 2006, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Joseph Nunes àti Xavier Drèze, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde. Wọ́n pín káàdì 300 níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Ìdajì àwọn èèyàn gba káàdì tó ń béèrè òǹtẹ̀ mẹ́jọ. Ìdajì kejì gba èyí tó ń béèrè mẹ́wàá, ṣùgbọ́n wọ́n ti bá wọn lu méjì sílẹ̀. Ìfọmọ́tò mẹ́jọ náà ni kálukú máa sanwó fún, síbẹ̀, 19 nínú 100 ló kún káàdì tàkọ́kọ́, nígbà tí 34 nínú 100 kún ìkejì. Ẹni tó bá rò pé òun ti bẹ̀rẹ̀ kì í fẹ́ dá a dúró. Ìyá alámàlà lè ya ojú méjìlá sára káàdì, kó lu méjì níbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ bó bá fi ojú mẹ́wàá sílẹ̀ tó tún lu méjì, abọ́ mẹ́jọ péré ló ń gba owó rẹ̀ kó tó fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo ìṣirò òkè yẹn sì ti dàrú.

Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ ni ọwọ́ tó ń lu òǹtẹ̀. Àmì bírò rọrùn láti yà nílé, nítorí náà òǹtẹ̀ rọ́bà tó ní déètì ló dára. Ọmọ ọ̀dọ̀ sì lè máa lù ú fún ọ̀rẹ́. Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n kò le: kí wọ́n máa kọ iye òǹtẹ̀ tí wọ́n lù lójúmọ́ sínú ìwé, kí wọ́n fi wé iye abọ́ tí wọ́n tà. Abọ́ 45 kò gbọ́dọ̀ bí òǹtẹ̀ 60. Káàdì tí òǹtẹ̀ mẹ́rin ti ní déètì kan náà náà yẹ ní bíbéèrè, àfi bí ẹni náà bá rà fún àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun kékeré kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà láti inú àkójọ nọ́ńbà lórí WhatsApp kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá ti tọ́jú nọ́ńbà ẹni tó fi í ránṣẹ́ sórí fóònù tirẹ̀. Nítorí náà, oníbàárà tó ti ń jẹun níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta lè má gbọ́ nǹkan kan. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́, kí wọ́n sì máa sọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ń gbowó.

Ó ku ọjọ́ ìkẹyìn oṣù Kọkànlá, nígbà tí ẹnì kan yóò gbé káàdì olóǹtẹ̀ mẹ́sàn-án dé. Lẹ́tà ti sọ pé ó parí. Ṣùgbọ́n bí ìyá náà bá ti kọ ọ́ sógiri ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú pé káàdì ń lọ sópin, oníbàárà yẹn ì bá ti wá ra abọ́ kan sí i. Bí kò bá kọ ọ́, ó sàn kó bá a lu ìkẹwàá yẹn, kó sì gbé àmàlà fún un.