Ìlà Tó Yí Padà Nìkan: Bí Ìjábọ̀ Òru Ṣe Lè Yé Ka Gbogbo Tábìlì

Ká ní ilé iṣẹ́ kan wà n'Íbàdàn tó ń ta oògùn ní páálí-páálí fún àwọn kẹ́míìsì. Ó ní ẹ̀ka ní Dùgbẹ̀ àti Bódìjà, ó tún ní òmíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá tà ń wọ inú dátàbéèsì kan ṣoṣo, nínú tábìlì tí wọ́n sọ ní `tita`, ọjà kan sí ìlà kan. Lẹ́yìn ọdún 6, ìlà inú tábìlì náà ti tó 12 mílíọ̀nù. Ní àràárọ̀, ọ̀gá fẹ́ mọ iye tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pa lánàá àti oògùn tó ń tán lọ, kó tó pe àwọn tó ń kó ọjà wá fún un.

Ètò tó ń ṣe ìjábọ̀ yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago 1 òru. Ẹni tó kọ ọ́ nígbà tí ilé iṣẹ́ ṣì kéré ṣe ohun tó rọrùn jù lọ: ó ní kó kó gbogbo tábìlì láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó dà á sínú dátàbéèsì ìjábọ̀, kó wá ṣírò. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn nígbà tí ìlà kò tíì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, iṣẹ́ tó ń parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ wá ń gba wákàtí. Ilẹ̀ á ti mọ́, àwọn akọ̀wé á ti máa tẹ ọjà tuntun wọlé, ètò òru náà á ṣì máa kàwé lọ, dátàbéèsì á sì máa fà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Bẹ́ẹ̀ ìlà tó yí padà láti àná kò ju bí 6,000 lọ. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ ọjà tuntun. Ìyókù jẹ́ ọjà àtijọ́ tí oníbàárà dá padà, tàbí tí wọ́n tún owó rẹ̀ ṣe. Ìlà 1 nínú 2,000 ló ní ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu, a sì ń ka gbogbo wọn nítorí rẹ̀.

Òpó kan nínú tábìlì náà ló lè gbà wá. Orúkọ tí àwọn olùkọ́ ètò sábà máa ń fún un ni `updated_at`. Àkókò tí wọ́n fọwọ́ kan ìlà náà kẹ́yìn ló ń wà níbẹ̀, bí òǹtẹ̀ tí ọ́fíìsì ń lù sórí fáìlì. Àwọn kan máa ń fẹ́ lo nọ́ńbà ìlà dípò rẹ̀: bí a bá ka dé nọ́ńbà yìí lánàá, ká bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó tẹ̀ lé e lónìí. Nọ́ńbà á mú ọjà tuntun wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n tà lóṣù tó kọjá tí wọ́n sì dá padà lánàá kò gba nọ́ńbà mìíràn. Òǹtẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yí padà.

Ọ̀nà tí ètò tuntun á gbà ṣiṣẹ́ kò gùn. Kó tó ka ohunkóhun, á bi dátàbéèsì pé aago mélòó ló lù, á sì mú ìdáhùn yẹn dání. Lẹ́yìn náà, á wo tábìlì kékeré kan tí kò ju ìlà kan lọ, níbi tó kọ àmì àná sí, á sì béèrè fún gbogbo ìlà tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò ṣáájú àmì náà:

```sql
SELECT id, eka, iye, owo, updated_at
FROM tita
WHERE updated_at >= '2025-03-11 01:00:00+01';
```

Ìgbà tí gbogbo ìlà bá ti wọlé sí ọ̀dọ̀ ìjábọ̀ láìsí wàhálà ló tó lè fi aago tó mú dání rọ́pò àmì àná. Ohun méjì níbẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ yí padà. Àkọ́kọ́, aago ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ó kọ sílẹ̀, kì í ṣe ti ìparí, nítorí ọjà tí ẹnìkan bá tẹ̀ nígbà tí kíkà ń lọ lọ́wọ́ lè bọ́ sáàárín. Èkejì, bí iná bá lọ tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lágbedeméjì, àmì àtijọ́ ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí òru ọjọ́ kejì lè tún ìdí iṣẹ́ náà mú. Ó sì yẹ kí `updated_at` ní atọ́ka tirẹ̀ nínú dátàbéèsì. Láìsí i, dátàbéèsì á ṣì la gbogbo 12 mílíọ̀nù kọjá kó tó rí 6,000 tí a fẹ́, ìwọ̀nba tí a ó sì jèrè kò ní ju pé ẹrù tí a gbé kọjá lọ sọ́hùn-ún dín kù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró síbí, inú wọn á sì dùn, torí ìjábọ̀ ti ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ibi tí owó ti ń sọnù láìpariwo ló kù.

Ẹ wo ẹ̀ka Ògbómọ̀ṣọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn kò dára, nítorí náà inú kọ̀ǹpútà ọ̀hún ni wọ́n ń kó ọjà ọjọ́ náà pamọ́ sí, òru ni wọ́n sì ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní ìlà 1,400 bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní aago 12:50 òru. Kí ó má bàa jẹ́ pé ìdajì ló dé, wọ́n so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ìdúnàádúrà kan: kí gbogbo rẹ̀ wọlé, tàbí kí ọ̀kankan má wọlé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, ó sì di aago 1:09 kí ó tó parí. Ètò ìjábọ̀ ti kàwé ní aago 1. Dátàbéèsì kì í fi iṣẹ́ tí kò tíì parí han ẹlòmíràn, nítorí náà kò rí ìlà kankan láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó kọ àmì rẹ̀ sílẹ̀: aago 1.

Òǹtẹ̀ wo ló wà lára ìlà 1,400 yẹn nígbà tí wọ́n hàn síta? Nínú PostgreSQL, `now()` kì í sọ aago tó ń lù lọ́wọ́. Aago tí ìdúnàádúrà bẹ̀rẹ̀ ló máa ń sọ, kò sì ní yí i padà títí tí ìdúnàádúrà náà á fi parí. Gbogbo wọn ló gba òǹtẹ̀ 12:50. Ní òru ọjọ́ kejì, ètò béèrè fún ìlà tí òǹtẹ̀ rẹ̀ jẹ́ aago 1 sókè. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ ti wà lẹ́yìn àmì. Kò ní rí wọn lónìí, kò ní rí wọn lọ́la, àfi bí ẹnìkan bá tún fọwọ́ kàn wọ́n. Ọjà odindi ọjọ́ kan ní ẹ̀ka kan ti pòórá nínú ìjábọ̀, kò sì sí àṣìṣe kankan tí ètò náà kọ sílẹ̀.

Àwọn kan á ní kí wọ́n lo `clock_timestamp()`, tó ń sọ aago gan-an. Ìyẹn dín àlàfo náà kù, kò dí i. Òǹtẹ̀ ti wọlé kí ìdúnàádúrà tó parí, ohun yòówù kó wà láàárín méjèèjì lè mú ìlà sọnù. Ohun tí òǹtẹ̀ ń sọ ni ìgbà tí wọ́n kọ ìlà; kò sọ ìgbà tí ẹlòmíràn lè rí i.

Ìwòsàn rẹ̀ ni pé kí ètò máa fà sẹ́yìn. Bí àmì bá jẹ́ aago 1, kí ó bẹ̀rẹ̀ kíkà láti aago 11 alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀. Wákàtí 2 yẹn kò wọ́n, torí ìlà tó wà nínú rẹ̀ lóru kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gùn ju ìdúnàádúrà tó pẹ́ jù lọ nílé iṣẹ́ náà. PostgreSQL fúnra rẹ̀ á sọ èyí tó ti pẹ́ jù ní ìṣẹ́jú tí a bá bi í:

```sql
SELECT min(xact_start) FROM pg_stat_activity;
```

Ẹni tí kò ní àṣẹ láti wo iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn kò ní rí àkókò tiwọn níbẹ̀, nítorí náà kí ẹni tó ń bójú tó dátàbéèsì bá a béèrè.

Bí a bá ń fà sẹ́yìn, a ó máa ka àwọn ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá kàn ń dà wọ́n sínú ìjábọ̀, ọjà kan á di méjì, Bódìjà á sì máa pa owó tí kò pa. Nítorí náà ọ̀nà tí ìlà ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ pé bó wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọ̀kan náà ni á jẹ́. Bí nọ́ńbà ìlà náà bá ti wà níbẹ̀, kí ó rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá sí, kí ó fi í kún un. Ká ní inú tábìlì `tuntun` ni a kó àwọn ìlà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà sí:

```sql
INSERT INTO tita_ijabo (id, eka, iye, owo, updated_at)
SELECT id, eka, iye, owo, updated_at FROM tuntun
ON CONFLICT (id) DO UPDATE
SET eka = EXCLUDED.eka, iye = EXCLUDED.iye,
    owo = EXCLUDED.owo, updated_at = EXCLUDED.updated_at;
```

`id` gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò lè ṣe méjì nínú `tita_ijabo`, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ PostgreSQL á kọ àṣẹ náà.

Ta ló ń lu òǹtẹ̀ yìí gan-an? Ọ̀pọ̀ tábìlì ni mo ti rí tí wọ́n kọ `DEFAULT now()` sí òpó náà, tí wọ́n sì gbà pé ó tán. Ìgbà tí ìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé nìkan nìyẹn ń ṣiṣẹ́. Tí akọ̀wé bá tún owó ṣe lọ́jọ́ kejì, òǹtẹ̀ àtijọ́ á ṣì wà níbẹ̀. Bí ètò ìtajà bá sì ń rántí láti lu òǹtẹ̀, ẹni tó wọ dátàbéèsì lọ́wọ́ ara rẹ̀ láti tún nǹkan ṣe ní ọ̀sán Jímọ̀ kò ní rántí. Dátàbéèsì fúnra rẹ̀ ni kí á gbé e fún: nínú MySQL, `ON UPDATE CURRENT_TIMESTAMP` tó, nínú PostgreSQL, tírígà kékeré kan ni a ó kọ tí á máa lu òǹtẹ̀ ṣáájú àtúnṣe kọ̀ọ̀kan. Aago sáfà dátàbéèsì nìkan ni kó sì máa lò, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà ẹ̀ka, tí ó lè fi ìṣẹ́jú 10 ṣáájú tàbí kó fi wà lẹ́yìn. Wákàtí wa ní Nàìjíríà kì í yí padà lọ́dún, ṣùgbọ́n bí sáfà bá ń lo aago Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí kan á wáyé lẹ́ẹ̀mejì ní òru Sunday tó kẹ́yìn oṣù Ọ̀wàrà. `timestamptz` ni kí òpó náà jẹ́.

Ohun kan wà tí òǹtẹ̀ kò lè ṣe láéláé. Ìlà tí wọ́n pa rẹ́ kò sí mọ́, kò sì sí ibi tí òǹtẹ̀ á gbà dúró. Akọ̀wé tẹ ọjà kan lẹ́ẹ̀mejì, ó pa ọ̀kan rẹ́ lọ́jọ́ kejì. Nínú ìjábọ̀, méjèèjì á wà síbẹ̀. Èyí tó dára jù ni pé kí wọ́n má pa ìlà rẹ́ rárá, kí wọ́n kọ àkókò sínú òpó `deleted_at`, kí àtúnṣe yẹn sì gba òǹtẹ̀ bí èyíkéyìí mìíràn. Ìjábọ̀ á mọ̀ pé kí òun fò ó.

Èyí tí gbogbo ìṣọ́ra yìí bá fi sílẹ̀, ìṣirò ọ̀sẹ̀ ló ń gbé e jáde. Ní òru Sunday, kí wọ́n ka iye ìlà àti àpapọ̀ owó fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́ 35 tó kọjá, ní tábìlì ìtajà àti ní ti ìjábọ̀, kí wọ́n fi méjèèjì wé ara wọn. Bí ìjábọ̀ bá kéré, ìlà kan bọ́ sẹ́yìn àmì. Bó bá pọ̀ jù, wọ́n pa ìlà rẹ́ tàbí ìlà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bí iye ìlà bá dọ́gba tí owó kò dọ́gba, ẹnìkan tún owó ṣe láìlu òǹtẹ̀. Ọjọ́ àti ẹ̀ka tí kò bára mu nìkan ni wọ́n á pa rẹ́ nínú ìjábọ̀, tí wọ́n á sì tún kó wá láti orísun.