Ewì ìkómọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ da ilé rú

Ìlà méjìdínlógún péré ni ewì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó sọ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin di ọ̀tá ara wa lọ́dún tó kọjá.

Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi yìí ló pè mí lórí fóònù lóru pé ìyàwó òun ti bí, obìnrin lantilanti. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ewì tí a ó kà níbi ìkómọ." Ọjọ́ kẹjọ ni ìkómọ, bí gbogbo wa ti ń ṣe é nísinsìnyí. (Láyé àtijọ́, bí àlùfáà Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, àwọn ìbejì ló ni ọjọ́ kẹjọ.) Mo ní kò sí wàhálà.

Àṣé wàhálà ń bẹ. Ọmọ méjì ti ṣáájú eléyìí. Àkọ́kọ́ lo oṣù mẹ́rin, èkejì ò pé ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi ti mú orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó bímọ rárá: Málọmọ́. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ọmọ tèmi ò ní gbé ẹkún àwọn tó ti lọ kọ́rùn. Wọ́n á máa bi í léèrè nílé ìwé pé ibo ló fẹ́ lọ." Inú bí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ṣé ìyàwó ilé ló fẹ́ kọ́ òun ní orúkọ ni?

Kí n má parọ́, àwọn méjèèjì ló lẹ́jọ́ọ́ rò. Orúkọ àbíkú kì í ṣe èébú lásán. Ẹ̀bẹ̀ ni Málọmọ́ àti Dúrójayé, ìdẹ́rùbà sì ni Kòsọ́kọ́, pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀. Kòsọ́kọ́ tó jọba Èkó láti 1845 di 1851, ẹnikẹ́ni ò káàánú rẹ̀ nítorí orúkọ. Ṣùgbọ́n ìyá tó bímọ ló mọ ibi tó ń dùn ún.

Èmi tí mo fẹ́ tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn, mo jókòó, mo kọ ìlà ogójì. Mo bú ikú, mo lé ikú, mo fi ikú ṣẹ̀sín. Mo wá gbé e lọ bá ìyá àgbà kan ládùúgbò wa tó máa ń sun rárà. Mo kà á dé àárín, ó ní kí n dúró.

"O ti dárúkọ ikú lẹ́ẹ̀mẹ́rin. O ò tíì dárúkọ bàbá ọmọ. Ta ló pe ikú síbi ìkómọ?"

Ẹnu mi wọhò. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn ohun tí a ń lò níbẹ̀ gan-an ti fi ọ̀nà hàn. Orógbó wà níbẹ̀ nítorí pé "gbó" wà nínú orúkọ rẹ̀. Oyin wà níbẹ̀ nítorí adùn. Ohun tí a fẹ́ la fi ń tọ́ ọmọ lẹ́nu wò, kì í ṣe ohun tí a ń sá fún. Ó tún bi mí pé ọmọ ilé ibo ni. Mo ní ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó rẹ́rìn-ín: "Ilé tìẹ kọ́ nìyẹn. Lọ bèèrè."

Mo bèèrè. Ọ̀fà ni wọ́n ti wá nílé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ìjàkadì ni wọ́n fi ń kì wọ́n. Ìyàwó, ọmọ Ìkòyí ni. Ibẹ̀ ló ti le. Ogun ló kún inú oríkì Ìkòyí, ẹ̀jẹ̀ àti igún pọ̀ níbẹ̀, ẹ ò lè kà á tán níwájú ọmọ jòjòló. Àmọ́ ohun kan wà tí wọ́n fi ń yangàn: pé ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gba ọgbẹ́ lẹ́yìn, nítorí kì í sá. Bí mo ti gbọ́ ìyẹn, mo mọ̀ pé ewì ti dé. Ohun tí Málọmọ́ fẹ́ sọ náà nìyẹn, láìjẹ́ pé a dárúkọ lílọ.

Ọ̀rọ̀ ìró ló kù. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́, mo ń fi ìparí ìlà bára mu bíi ti orin ìyìn àwọn òyìnbó, mo fi "ọlá" ṣe ẹnìkejì "ọ̀la". Lójú ìwé, ó jọra. Létí, wọn ò mọra rí. Ohùn ni ewì tiwa ń wò: bí ìlà kan bá parí sókè, ẹ jẹ́ kí èyí tó tẹ̀ lé e sọ̀kalẹ̀. Ẹ ó rí i níbi tí mo ti sọ "di" lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Mú" méjì ti wà lókè, mo wá fi "ṣinṣin" parí ẹ̀kẹta kí ohùn lè ríbi sinmi. Ẹ gbọ́ ọ:

Àbẹ̀kẹ́, o káàbọ̀.
Ilé tó o wọ̀ yìí, ilé ìjàkadì ni;
Ọ̀fà ló bí bàbá rẹ.
Ohun tí ọwọ́ wọn bá dì mú, ọwọ́ wọn kì í tú u.
Di ọmú ìyá rẹ mú,
Di ìka bàbá rẹ mú,
Di ilẹ̀ tó o tẹ̀ yìí mú ṣinṣin.
Ìkòyí ló bí ìyá rẹ,
Àwọn tí kì í kẹ̀yìn sí ohun tí wọ́n bá dojú kọ.
Ayé lo dojú kọ, Àbẹ̀kẹ́,
Má kẹ̀yìn sí i.
A ti bu omi kalẹ̀, a ti bu oyin,
Ìyá àgbà ti tẹ́ ẹní, àyè rẹ ń bẹ níbẹ̀.
Odò méjì ló pàdé nínú rẹ,
Ìbídàpọ̀ la pè ọ́.
Ìgbà tó o bá dàgbà, tó o bá bi wá léèrè ilé,
Ilẹ̀kùn méjì la ó fi hàn ọ́,
Èyí tó bá wù ọ́ ni kó o kọ́kọ́ wọ̀.

Ìyá ọmọ ló mú Ìbídàpọ̀ wá. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́, bàbá rẹ̀ ló fún un. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n pe orúkọ tán ni mo ka ewì, nítorí orúkọ tí wọn ò tíì pè kò yẹ kó ti ẹnu akéwì jáde.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹbí ń sọ owó sínú abọ́ omi, tí kálukú ń pe orúkọ tó wù ú. Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ilé dákẹ́. Ó sọ owó sínú omi, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ní, "Màá pè é o." Ó sì pè é, jẹ́jẹ́: "Málọmọ́." Ìyàwó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, mà," ló dáhùn.

Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Ìbídàpọ̀ ni gbogbo ilé ń pè é. Bó bá ku òun àti ìyá bàbá rẹ̀ nìkan nínú yàrá, mo ti gbọ́ orúkọ kejì yẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọmọ náà sì ń jẹ́ ẹ.