Ẹ Wo Bọ́ọ̀dù Kí Ẹ Tó Wo Pírósẹ́sọ̀

Lọ́dún 2018, èmi àti àbúrò mi ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Mo mú ti AMD, Ryzen 5 2600 lórí bọ́ọ̀dù B450. Òun mú ti Intel, i5-8400 lórí bọ́ọ̀dù B360. Owó wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, iṣẹ́ wọn náà ò sì jìnnà síra. Nígbà tó di ọdún karùn-ún, tí méjèèjì ń wọ́ bí ìgbín, la tó mọ ìyàtọ̀.

Pírósẹ́sọ̀ nìkan ni mo rà, Ryzen 7 5700X. AM4 ni wọ́n ń pe sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ojú ibi tí pírósẹ́sọ̀ ń jókòó sí lórí bọ́ọ̀dù, kò sì yí padà láti Ryzen àkọ́kọ́ ti 2017. Ní ti Intel, ìran méjì, bóyá mẹ́ta, wọ́n á ti pààrọ̀ ti wọn. Àbúrò mi fẹ́ i5-12400, owó rẹ̀ sì kéré sí ti tèmi, àmọ́ ó di dandan kó ra bọ́ọ̀dù tuntun mọ́ ọn. Bọ́ọ̀dù ló jẹ èrè náà. Ráàmù ló rù ú là, torí ó yan bọ́ọ̀dù tó ṣì ń lo DDR4.

Tèmi náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà, gbọ́dọ̀ mọ pírósẹ́sọ̀ tuntun kí ẹ tó fi í síbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀ á rí fáànù tó ń yí, ojú ìwòran á sì dúdú kirikiri. Àfi kó dá ti àtijọ́ padà, kó fi èyí tuntun sínú BIOS, kó tó tún un ṣe. Mo so tèmi mọ́ ínfátà kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ yẹn, bọ́ọ̀dù lè kú. Ìlérí AMD pàápàá kì í ṣe ìbúra: ní 2020 wọ́n kọ́kọ́ ní B450 ò ní gba ìran 5000, pé ààyè BIOS ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù náà kéré. Ìgbà táwọn oníbàárà pariwo ni wọ́n tó yí i padà.

Ti iná ńkọ́? Ẹ má gba wáàtì ara páálí gbọ́. 65 ni wọ́n kọ sára 5700X, ó ń dé 76. 125 ni wọ́n kọ sára i7-14700K, ó lè fa 253. Bátìrì 12V oní-200Ah tí ẹ bá lò dé ìlàjì á fún yín ní nǹkan bíi 1,200 wáàtì-wákàtí. Ìyàtọ̀ 177 wáàtì yẹn, fún wákàtí mẹ́rin iṣẹ́ líle, jẹ 708 nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ lẹ́tà ló ń tẹ̀, Intel sábà máa ń jẹ iná díẹ̀ kù, torí Ryzen tó ní ẹ̀yà méjì-mẹ́ta nínú kì í sinmi dáadáa.

Ẹni tó ń ra tuntun báyìí, AM5 ti wà láti 2022, AMD sì ní òun á ràn án lọ́wọ́ dé 2027, ó kéré tán. LGA1700 ti Intel ti parí lórí ìran kẹrìnlá. Àbúrò mi ò bìkítà. Látìgbà tó ti pààrọ̀ tirẹ̀, kò tíì tú kọ̀ǹpútà náà rí, ó sì ní òun ò ní tú u títí tó fi máa kú.