Bí a ṣe ń to àkọsílẹ̀ ìpàdé ọdún púpọ̀ sí ìlànà kan

Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ́ onílé kan tó ń ṣèpàdé lóṣooṣù. Akọ̀wé àkọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà láti 1 ní gbogbo ìpàdé. Èkejì lo A, B, D. Ẹ̀kẹta kàn ń kà á lọ ni, débi pé 81 ni ìpàdé oṣù Kejìlá 2022 fi bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ńbà tuntun lè jẹ́ 2022-P12-3: kókó kẹta nínú ìpàdé kejìlá. P yẹn ni kò ní jẹ́ kí wọ́n rò pé déètì ni.

Ibi tó le nìyí. Ìpàdé tó tẹ̀lé e sọ pé, “gẹ́gẹ́ bí a ti pinnu ní 83, owó ẹ̀ṣọ́ di ₦3,000.” Bí 83 bá pòórá, ẹni tí kò fẹ́ sanwó á ní ibo la ti pinnu ẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ nọ́ńbà àtijọ́ àti tuntun síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì fi ti àtijọ́ sínú ẹ̀dà tuntun: “2022-P12-3, 83 tẹ́lẹ̀.”

Ẹ fọwọ́ tẹ nọ́ńbà yìí fúnra yín. Èyí tí Word ń kà fúnra rẹ̀ á yí padà bí ẹ bá fi ìpínrọ̀ kan kún un. Ẹ tẹ orí nọ́ńbà náà: bí kọ́sọ̀ kò bá wọ inú rẹ̀, Word ló ń kà á.

Ẹ má tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ, àṣìṣe rẹ̀ pàápàá. Èyí tí alága fọwọ́ sí ṣì ni ojúlówó. Ẹ kọ “ẹ̀dà” sórí tuntun.