Ìlà Tààrà tí Ìlà Títẹ̀ ń Súnmọ́
Ẹ jẹ́ kí a yẹ y = (2x + 5)/(x + 1) wò. Bí a bá fi x pín òkè àti ìsàlẹ̀, yóò di (2 + 5/x)/(1 + 1/x). Bí x ti ń tóbi sí i láìlópin, 5/x àti 1/x ń di òfo. Nítorí náà y ń súnmọ́ 2. Ìlà tí ó dùbúlẹ̀ ni y = 2.

Ṣùgbọ́n y = (x² + 3x + 5)/(x + 1) ń ga sí i ṣáá ni. Ìlà gẹ̀rẹ́ ni tirẹ̀. Ẹ fi x pín y: èsì rẹ̀ ń súnmọ́ 1. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a dúró níbẹ̀, wọn a sì kọ y = x. Àṣìṣe ni! Ẹ yọ x kúrò lára y. Ohun tí ó kù ni (2x + 5)/(x + 1), tí a ti mọ̀ pé ó ń súnmọ́ 2. Nítorí náà, y = x + 2 ni ìlà náà. Bí x bá jẹ́ 99, àlàfo tí ó wà láàárín wọn jẹ́ 3/100 péré.